Kí A Tó Gbé Òkè Lé Búńgálò: Ẹsẹ̀ Òpó Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Ẹni tó bá gba àdúgbò tuntun kọjá ní Ìbàdàn, ní Ọ̀tà tàbí ní Ìkòròdú yóò rí búńgálò tí rọ́ọ̀dù yọrí jáde lókè àwọn òpó rẹ̀. Onílé ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń kọ́ ọ, owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti búńgálò lọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà lókè. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó dé, àwọn ọmọ ń fẹ́ yàrá sí i, tàbí kó jẹ́ pé owó ilé ti gbówó lórí ládùúgbò. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Bíríkìlà gbójú sókè, ó rí rọ́ọ̀dù, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ṣètò ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àpò símẹ́ńtì.

Ohun kan ṣoṣo ni rọ́ọ̀dù tó yọrí yẹn lè jẹ́rìí sí: pé ó wu onílé láti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò lè sọ bí kọnkéré tó wà lábẹ́ òpó ṣe fẹ̀ tó, kò lè sọ bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò tilẹ̀ lè sọ bóyá rọ́ọ̀dù kan náà ló lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé inú onílé kì í dùn láti gbọ́ èyí, pàápàá nígbà tó ti ń fojú inú wo yàrá òkè. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ ká lọ.

Ẹrù ilé kì í dúró sójú kan. Òrùlé gbé tirẹ̀ lé bíìmù, dẹ́kìn gbé tirẹ̀ lé bíìmù, bíìmù gbé gbogbo rẹ̀ fún òpó, òpó gbé e fún kọnkéré fífẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bésì, bésì á wá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀. Níbikíbi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti kéré ju ẹrù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ilé á ti bàjẹ́. Ó jọ ẹni tó ru ẹrù wúwo wọ inú ẹrẹ̀: ọrùn rẹ̀ lè gbà á dáadáa, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń rì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń yẹ̀ wò ni ọrùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan bí àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ gan-an ní Ìbàdàn. Búńgálò ni, búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn òpó rẹ̀ sì fi mítà 3.6 jìnnà síra, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ́ yàrá. Òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì mẹ́sàn-án níbùú lóròó, ìyẹn mìlímítà 225, rọ́ọ̀dù mẹ́rin tí wọ́n tà fún onílé gẹ́gẹ́ bíi mìlímítà 12 sì wà nínú rẹ̀. Òpó kan wà láàárín ilé tí yàrá mẹ́rin pàdé sí. Òun la máa tẹ̀ lé, torí òpó àárín ló máa ń ru ẹrù jù.

Kí ni òpó yìí ń rù lónìí? Apá òrùlé tó kàn án, ìyẹn páànù, igi àti sílíìnì, pẹ̀lú ìwúwo òun fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù méjì. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò 1,000, tàbí ogún àpò símẹ́ńtì. Nítorí náà, ẹrù tó wà lórí òpó yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé kò tó ogójì àpò.

Ẹ wá gbé òkè lé e. Òpó àárín máa ń ru dẹ́kìn títí dé ìdajì ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ òpó kejì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, èyí tó jẹ́ mítà 3.6 níbùú àti 3.6 lóròó, nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 13. Dẹ́kìn oní-ínṣì mẹ́fà wúwo tó kílò 360 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Táìlì, símẹ́ńtì tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ àti èyí tí a rẹ́ sí ìsàlẹ̀ dẹ́kìn tó 120. Fún èèyàn, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àlejò ọjọ́ ìnáwó, ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà ń lò fún ilé gbígbé jẹ́ 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 630. Bí a bá fi 13 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. A ò tíì mọ ògiri. Ògiri òkè tí ẹrù rẹ̀ já lé òpó yìí jẹ́ bíi mítà méje ní gígùn, pẹ̀lú gíga tó sún mọ́ mítà mẹ́ta. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án tí a rẹ́ nínú àti lóde á fún wa ní tọ́ọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀. Bíìmù mú tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ wá. Ẹ fi òpó òkè, òrùlé, òpó ìsàlẹ̀ àti bésì fúnra rẹ̀ kún un. Ohun tó máa dórí ilẹ̀ di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 19.

Láti ibi tí kò tó ogójì àpò símẹ́ńtì, a ti dé 380. Ohun tí gbólóhùn "àjà kan ṣoṣo náà ni" túmọ̀ sí fún òpó àárín búńgálò nìyẹn. Ẹni tó ń fi àjà kẹta lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń bù sí ẹrù tó ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ búńgálò di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń sọ ẹrù di ìlọ́po mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ilẹ̀ ti le lábẹ́ ilé nítorí ó ti pẹ́. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ máa ń ki sí i bí ẹrù bá pẹ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ tọ́ọ̀nù méjì ló ti ń gbé láti ọjọ́ yìí, kò mọ tọ́ọ̀nù 19 rí.

Bí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ bá dé, kí ó tó bèèrè òkè ni yóò ti bèèrè puláànù. Bí puláànù bá wà, ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yà lórí ìwé àti ohun tí bíríkìlà dà sínú kòtò lè yàtọ̀. Nítorí náà, ó máa ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ó kéré tán, kòtò méjì ni: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìta, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àárín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn á ba táìlì pálọ̀ jẹ́. Onílé sábà máa ń bẹ̀bẹ̀ fún táìlì yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Òpó ìta rọrùn láti gbẹ́, àmọ́ òpó àárín ló ń ru ẹrù jù.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n á gbẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ó máa fẹ̀ tó mítà kan kí èèyàn lè rí àyè bẹ̀rẹ̀, títí tí etí ìsàlẹ̀ bésì á fi hàn. Níbẹ̀ ni wọ́n á dúró. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́ wọ abẹ́ bésì, a kì í sì í ṣí òpó méjì tó tẹ̀ léra sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. A ò ní í fi kòtò náà sílẹ̀ kí òjò rọ̀ sí i. Tí wọ́n bá ti wọn gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, wọ́n á dá iyẹ̀pẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa gún un kó le bó ṣe wà.

Ohun tí kòtò ń fi hàn máa ń yani lẹ́nu. Nínú ilé àpẹẹrẹ wa, wọ́n bá bésì tó jẹ́ mìlímítà 900 níbùú lóròó, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tó nípọn tó 250, ó sì jìn ju mítà kan lọ sínú ilẹ̀. Bíríkìlà tó ṣe ìyẹn kò ṣe é burúkú. Nínú ilé mìíràn, wọ́n á rí i pé òpó kò ní bésì tirẹ̀ rárá, orí kọnkéré tóóró tí wọ́n dà sábẹ́ ògiri ló ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni òpó tó bẹ̀rẹ̀ láti orí Jámánì fúlọ̀: wọ́n ká ẹsẹ̀ rọ́ọ̀dù sínú kọnkéré fúlọ̀ tí kò ju ínṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó kún inú ìpìlẹ̀ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Irú òpó bẹ́ẹ̀ ń gbé òrùlé búńgálò láìsí wàhálà, kó sì lé rọ́ọ̀dù sókè bíi ti aládùúgbò rẹ̀. Bí a bá da dẹ́kìn lé e, ó lè gún fúlọ̀ lu. A ò lè mọ̀ ọ́n láti ìta.

Àkíyèsí kan nípa àárín ìgboro Ìbàdàn, ní agbègbè bíi Bẹẹrẹ àti Màpó: àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé amọ̀ ni ògiri wọn, wọ́n kàn fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára tó fi dà bíi ti búlọ́ọ̀kù. Ẹ ha símẹ́ńtì kúrò níbì kan kí ẹ wo inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ amọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ dẹ́kìn kọnkéré lórí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn bésì, ilẹ̀ ló kàn. Irin gígùn kan wà tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Wọ́n á gbé e dúró sínú kòtò, òòlù kílò mẹ́jọ á máa já lé e lórí láti gíga mìlímítà 575, wọ́n á sì máa ka iye ìgbà tí òòlù já kí irin tó wọlẹ̀ tó ìwọ̀n kan. Bí ilẹ̀ bá le, òòlù á já lọ́pọ̀ ìgbà kí irin tó rìn díẹ̀. Bí irin bá ń wọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ilẹ̀ rọ̀. Ohun tí ẹnjiníà ń ṣọ́ jù ni ibi tí kíkà náà ti já wálẹ̀ lójijì, torí ó fi hàn pé ilẹ̀ rírọ̀ kan fara pamọ́ sábẹ́ èyí tó le. Wọn kì í dúró lẹ́sẹ̀ bésì. Wọ́n máa ń lọ sísàlẹ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ bésì, nítorí ibi tí ìnira ẹrù ń dé nìyẹn. Àkókò òjò ló dára jù láti ṣe é, torí ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta nínú ọyẹ́ lè rọ̀ gan-an nígbà tí omi bá kún un.

Ilẹ̀ pupa ilé àpẹẹrẹ wa dára níwọ̀nba. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó lè gba tọ́ọ̀nù 15 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, láìrì ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, pàápàá níbi tí wọ́n ti kó iyanrìn dí irà, èèyàn kò lè retí tó bẹ́ẹ̀. Amọ̀ rírọ̀ àti ẹrẹ̀ dúdú lè wà lábẹ́ iyanrìn náà, òòlù kékeré yìí kò sì ní í tó. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ti ọ̀pá wọlẹ̀ jìnnà ni wọ́n máa ń gbé wá.

Ó wá ku ìṣirò tí ọmọ iléèwé lè ṣe. Bésì wa jẹ́ mítà 0.9 níbùú lóròó, èyí tó jẹ́ 0.81 mítà onígun mẹ́rin. Bí a bá pín tọ́ọ̀nù 19 sí i, ó fi díẹ̀ lé ní 23 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ní 15 ni òun lè gbà. Bésì náà kò tó. Kí ó tó lè tó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ bíi mítà 1.2 níbùú lóròó, tàbí kí gbogbo ẹrù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ má kọjá tọ́ọ̀nù 12.

Onílé lè ní kí wọ́n lo búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà lókè kó lè fúyẹ́. Ìyẹn á yọ tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé e, ẹrù á sì ṣì wà ní 21 lórí mítà. Ká tilẹ̀ ní pátákó fífúyẹ́ ni gbogbo ògiri òkè, á ṣì wà ní 16. Dẹ́kìn fúnra rẹ̀ ló ń gba àyè tó pọ̀ jù, a ò sì lè yọ dẹ́kìn kúrò nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọnkéré.

A ò tíì sọ̀rọ̀ òpó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn, torí òpó ni gbogbo ayé máa ń wò ṣáájú. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ̀ wò lára rẹ̀: rọ́ọ̀dù, ríǹgì tó de rọ́ọ̀dù pọ̀, àti kọnkéré.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń fi ra ojú òpó. Ó ń dún bó bá dé orí irin, ó sì ń sọ bí irin náà ṣe jìn tó. Pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á mọ iye rọ́ọ̀dù tó wà nínú òpó àti bí ríǹgì ṣe jìnnà síra. Ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí irin ṣe nípọn, nítorí náà wọ́n á gbẹ́ kọnkéré díẹ̀ kúrò níbì kan, wọ́n á fi bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin nù ún mọ́, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀dù tí wọ́n tà lọ́jà gẹ́gẹ́ bíi 12 kì í tó 12. Ti ilé wa jẹ́ 11. Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ irin ti dín ní bíi ìdá kan nínú mẹ́fà.

Ríǹgì ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jalè jù nínú òpó, torí kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́ tí wọ́n bá ti da kọnkéré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí rọ́ọ̀dù yọ ikùn síta nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òfin rẹ̀ rọrùn: àlàfo láàárín ríǹgì kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjìlá nínípọn rọ́ọ̀dù lọ. Fún rọ́ọ̀dù 12, mìlímítà 144 nìyẹn, bí ínṣì mẹ́fà tí kò pé. Ti ilé wa fi 300 jìnnà síra.

Fún kọnkéré, òòlù kan wà tó ń ta padà bí wọ́n bá tì í mọ́ ojú òpó, bó ṣe ta tó ló ń sọ líle rẹ̀. Ó wúlò láti mọ òpó tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ló ń wọ̀n, ojú kọnkéré tó ti gbó sì máa ń le ju inú rẹ̀ lọ, nítorí náà ó lè yin òpó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé kọnkéré róbótó jáde, kí wọ́n lọ fọ́ ọ ní láàbù. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan wà tó ń yẹ ohun èlò ìkọ́lé wò. Òpó oní-ínṣì mẹ́sàn-án kò ṣeé gé bó ṣe wuni, torí kọnkéré tí wọ́n yọ lè gba ìdajì fífẹ̀ rẹ̀. Ẹnjiníà tó bá mọṣẹ́ á wá ibi tí kò ní í gé rọ́ọ̀dù, á lo ẹnu ẹ̀rọ tó kéré, á sì dí ihò náà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú símẹ́ńtì líle tí kì í sún kì.

Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ kọnkéré láti wo rọ́ọ̀dù, wọ́n tún máa ń fọ́n oògùn olómi kan sí ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ náà. Níbi tí kọnkéré bá ti dá ṣáṣá, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òdòdó. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti jẹ agbára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò ní í yí padà. Bí ibi tí àwọ̀ kò yí yẹn bá ti jìn dé ara rọ́ọ̀dù, kọnkéré kò lè dáàbò bo irin mọ́, ìpáàrà á máa jẹ ẹ́ nínú, ìyẹn ló sì máa ń fa lílà tó lọ lóòró lára òpó.

Agbára kọnkéré ilé wa jẹ́ 15, nígbà tó jẹ́ pé 20 tàbí 25 ni puláànù sábà máa ń béèrè. Ìyẹn ni pé kí ojú kọnkéré tó jẹ́ mìlímítà kan níbùú lóròó tó fọ́, ó gbọ́dọ̀ ru nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀. Omi tó pọ̀ jù nínú àpòpọ̀ ló sábà máa ń fà á. Nígbà tí ẹnjiníà ṣe ìṣirò, ó fi àlékún kún ẹrù gẹ́gẹ́ bí ìlànà, ó di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 26. Kọnkéré àti rọ́ọ̀dù pọ̀ lè gba bíi 37. Lójú ìwé, òpó ti yege. Àmọ́ rọ́ọ̀dù tí ríǹgì rẹ̀ jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbójú lé, bí a bá sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, kọnkéré nìkan á gba 27. Ẹnjiníà tó bá fọwọ́ sí 27 fún ẹrù 26, mi ò ní í gbé inú ilé náà. Òpó etí ilé tilẹ̀ tún ní ìnira mìíràn, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni bíìmù ti ń fà á, ó sì ń fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí onílé fúnra rẹ̀ lè fojú rí kí ó tó pe ẹnikẹ́ni. Bí ògiri bá là ní dídàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tàbí tí lílà náà ń tẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, apá kan ilé ń rì ju èkejì lọ. Ẹ kọ ọjọ́ sí orí lílà náà, kí ẹ fi símẹ́ńtì tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó níbì kan. Bí símẹ́ńtì yẹn bá tún là, ilé ṣì ń rìn. Ilé tó ń rì lábẹ́ tọ́ọ̀nù méjì kò ní ọ̀rọ̀ òkè sọ. Ọjọ́ kan ṣáájú kí ilé alájà mẹ́jọ Rana Plaza ní Bangladesh tó wó lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, lílà ti hàn lára òpó rẹ̀, ẹnjiníà tó wò ó sì ní kí wọ́n kó èèyàn jáde. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ padà sínú rẹ̀. Wọ́n ti fi àjà kún ilé náà láìgba àṣẹ, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá sì wà lókè rẹ̀. Ẹ̀mí tó lọ lé ní 1,100.

Kí wá ni ṣíṣe fún ilé wa? Kì í ṣe pé kò lè di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láé. Wọ́n lè fẹ bésì àti òpó. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń gbà ṣe é ni pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ bésì, kí wọ́n da kọnkéré tuntun yí i ká, kí wọ́n sì bo ilẹ̀ padà. Kọnkéré bẹ́ẹ̀ kàn wà níbẹ̀ ni, kò ru nǹkan kan, torí ẹrù kò rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Tuntun gbọ́dọ̀ di ti àtijọ́ mú. Wọ́n á fi ṣísẹ́lì ha ojú kọnkéré àtijọ́ títí tí òkúta inú rẹ̀ á fi yọ, wọ́n á lu ihò sí ara bésì, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù líle lẹ rọ́ọ̀dù tuntun mọ́ inú ihò náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á to irin yí bésì àti òpó ká, pẹ̀lú ríǹgì tó sún mọ́ra. Kọnkéré tuntun tó bo òpó kì í sábà dín ní mìlímítà 100 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé òpó 225 á di 425. Yóò jẹ àyè nínú yàrá, àfi kí onílé gbà á bẹ́ẹ̀. Òpó kan lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe méjì tó tẹ̀ léra.

Ọ̀nà kejì ni láti fi búńgálò sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n gbé òpó tuntun dìde láti inú bésì tuntun, kí òkè má fara lé ògiri àtijọ́ rárá. Owó rẹ̀ pọ̀, bíìmù rẹ̀ á tóbi torí ó máa fo ọ̀nà tó gùn kọjá. Bí bésì ilé bá burú káàkiri, ó lè rọrùn ju títún mẹ́rìndínlógún ṣe lọ. Nígbà mìíràn, iye owó ọ̀nà méjèèjì á fi han onílé pé ilé tuntun lórí ilẹ̀ mìíràn ló dín owó kù. Kí ó mọ̀ ọ́n ṣáájú kí àpò símẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó dé ni mo fẹ́.

Èyíkéyìí tó bá yàn, ó máa nílò ìwé àṣẹ tuntun láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, torí àṣẹ búńgálò kò kan pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹnjiníà tó bá sì fọwọ́ sí ìṣirò náà jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Rọ́ọ̀dù tó yọrí láti ọjọ́ pípẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: wọ́n á nu ìpáàrà rẹ̀ kúrò, wọ́n á wọn ohun tó ṣẹ́ kù. Èyí tó yọ jáde gbọ́dọ̀ gùn tó mìlímítà 500 sí 600 kí rọ́ọ̀dù tuntun tó lè so mọ́ ọn dáadáa. Bó bá kúrú tàbí tó ti tín-ín-rín, gígé rẹ̀ ló dára jù, kí wọ́n lu ihò, kí wọ́n gbin tuntun.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, wọn kì í kó búlọ́ọ̀kù àti àpò símẹ́ńtì jọ sáàárín dẹ́kìn tuntun. Ọgọ́rùn-ún àpò lójú kan jẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún. Ẹnjiníà á fi àmì sára òpó kọ̀ọ̀kan ní gíga kan náà kí ẹrù tuntun tó dé, á sì máa fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n lẹ́yìn dẹ́kìn, lẹ́yìn ògiri àti lẹ́yìn òrùlé. Gbogbo òpó ló máa rì díẹ̀, ìyẹn kò léwu bí wọ́n bá jọ rì. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ìyàtọ̀ láàárín òpó méjì tó tẹ̀ léra. Fún òpó tó fi mítà 3.6 jìnnà síra, ìyàtọ̀ mìlímítà méje ṣeé gbà. Bó bá ti ń sún mọ́ 12, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í là, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró níbi tó dé, kí wọ́n tún ṣí ẹsẹ̀ òpó náà wò.